Ìtọ̀ Àlàmú àti Oògùn Tí Wọ́n Dá Sí Méjì

Ike omi kékeré kan ni ìyá ọmọ náà kọ́kọ́ gbé sórí tábìlì mi, ó ti ya bébà ara ike yẹn kúrò kí n lè rí inú ẹ̀ dáadáa. Ìtọ̀ ọmọ ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Téèyàn bá wò ó lásán dúdú ni, àmọ́ nígbà tí mo gbé e sọ́nà fèrèsé mo rí i pé pupa ló wà lábẹ́ dúdú yẹn. Aláàdìrẹ ni ìyá yìí, Òkè-Báálẹ̀ níbí l'Óṣogbo ni wọ́n ń gbé, aró ṣì wà léèékánná ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Ẹ wò ó, dókítà, ó ti pẹ́ tí mo ti ń pa aṣọ láró, mo mọ̀ tí àwọ̀ bá yí. Láàárọ̀ àná, bíi tíì ló rí. Lálẹ́ àná, ó ti dà bí omi obì. Tòní yìí, obì tí wọ́n sè tí wọ́n wá gbàgbé síbẹ̀ di ọjọ́ kejì ni."

Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe iṣẹ́ ọjọ́ náà tán fún mi. (Mo ti yí àwọn nǹkan kan padà nínú ìtàn yìí kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀, ẹ jẹ́ ká máa pe ọmọ náà ní Àlàmú.)

Àlàmú, ọmọ ọdún márùn-ún, kílò mẹ́tàdínlógún. Ọjọ́ Mọ́ńdè ló bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé ìtọ̀ ń ta òun. Kò níbà, ó ń jẹun, ó ń ṣeré. Àbúrò ìyá ẹ̀ obìnrin wà lọ́dọ̀ wọn nígbà yẹn, oyún ti wọ oṣù mẹ́fà nínú òun, wọ́n sì ti fún un lóògùn fún irú ìtọ̀ títa yìí kan náà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, náítírófúráńtóìnì lorúkọ ẹ̀. Ó lo tiẹ̀ ó sì gbádùn, ó wá ṣẹ́ wóró mẹ́fà kù sínú ọ̀rá. Ṣé ẹ mọ bá a ṣe ń ṣe, oògùn tó ṣiṣẹ́ fún àǹtí, kí ló dé tí ò ní ṣiṣẹ́ fún ọmọ? Wọ́n dá wóró kan sí méjì, ìlàjì láàárọ̀, ìlàjì lálẹ́.

Nǹkan tó yà mí lẹ́nu níbẹ̀ rèé o. Mo ṣírò ẹ̀ lójú wọn, wóró kan jẹ́ mílígíráàmù ọgọ́rùn-ún, tẹ́ ẹ bá pín ìyẹn fún kílò mẹ́tàdínlógún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílígíráàmù mẹ́fà fún kílò kan lójúmọ́. Ìwé tí àwa dókítà ń lò máa ń sọ márùn-ún sí méje, ó kàn jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ló yẹ kí wọ́n pín in sí lójúmọ́ ni, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ìyẹn ni pé wọn ò fún ọmọ yẹn ní àfúnjù rárá. Bó bá jẹ́ ọmọ míì lódikejì títì ló gbé oògùn yẹn mì, ó ṣeé ṣe kó má ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ̀jẹ̀ tí oògùn náà bá pàdé lọ̀rọ̀ wà.

Láàárọ̀ Wẹ́sídé tí ìtọ̀ kọ́kọ́ yí sí tíì, ìyá ẹ̀ bẹ̀rù, ó pe àbúrò ẹ̀ wá wò ó. Àbúrò bú sẹ́rìn-ín, ó ní "Ṣé torí ìyẹn náà ni, àǹtí mi? Tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀, oògùn yẹn ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti parí ẹ̀ á lọ." Àti pé kò parọ́! Òótọ́ ni, náítírófúráńtóìnì máa ń sọ ìtọ̀ di àwọ̀ ilẹ̀, kò sì sí aburú kankan nínú ìyẹn, àwọ̀ oògùn lásán ni. Nǹkan tó bá mi lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, pé àlàyé tó jẹ́ òótọ́ fún àǹtí ló bo nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ mọ́lẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan, wọ́n sì tún fún un ní ìlàjì méjì míì sí i.

Báwo lèèyàn ṣe máa wá mọ̀yàtọ̀? Àwọ̀ oògùn kì í sábà jìn sí i láti òwúrọ̀ dalẹ́, ibi tó bá dé ló sábà máa ń dúró sí, ọmọ á sì máa sá kiri bó ṣe máa ń ṣe. Ti Àlàmú ń dúdú sí i ni. Lálẹ́ Wẹ́sídé ó ní ẹ̀yìn ń dun òun, kò parí oúnjẹ ẹ̀. Láàárọ̀ Tọ́sìdeè ó ń lọ síléèwé, ó jókòó sẹ́bàá gọ́tà láàárín ọ̀nà, ó ní ó rẹ òun. Ọmọ ọdún márùn-ún tó jókòó fúnra ẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù, ìyẹn ò kí ń ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀ mọ́.

Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ, inú ìpéǹpéjú náà funfun, ẹyinjú ti ń pọ́n bí ìyeyè. Àyà ẹ̀ ń lù ní méjìdínláàádọ́jọ ní ìṣẹ́jú kan, ó sì ń mí yára. Kò níbà lára. A fa ẹ̀jẹ̀, PCV, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ẹ̀, 17. Ọmọ bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó máa wà ní nǹkan bí 33 sókè. A wo kòkòrò ibà, kò sí, torí ibà náà lè sọ ìtọ̀ ọmọ di dúdú, èèyàn ò gbọ́dọ̀ fò ó. A béèrè jẹ́nótáìpù, AA ni. Ìyá ẹ̀ mí kanlẹ̀ nígbà tó gbọ́ AA, ó ní "Ṣebí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wá dáa nìyẹn," mo ní rárá mà, ìyẹn ń sọ fún wa pé kò ní síkúù sẹ́ẹ̀lì ni, nǹkan míì wà tí AA ò kàn rárá.

Ìtọ̀ inú ike yẹn ló sọ ìyókù. A ti ọ̀pá ìdánwò bọ̀ ọ́, ibi tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ yí padà kíá, ó lọ sí òkè pátápátá. Àwọ̀ oògùn ò lè ṣe ìyẹn. Ẹni tó wà ní láàbù wá gbé ìtọ̀ yẹn sábẹ́ maikirosikóòpù, kò rí sẹ́ẹ̀lì pupa kan ṣoṣo. Ó tún padà wá bi mí bóyá mo fi nǹkan míì ránṣẹ́ sóun ni. Ẹ fi ọkàn bá mi lọ níbí: tó bá jẹ́ pé ojú ọgbẹ́ kan nínú kíndìnrín tàbí àpò ìtọ̀ ló ń ṣẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì pupa á kún inú ìtọ̀ bámú. Tí ọ̀pá ìdánwò bá ní ẹ̀jẹ̀ wà tí maikirosikóòpù sì ní sẹ́ẹ̀lì ò sí, nínú ọmọ tí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ funfun bẹ́ẹ̀, á jẹ́ pé inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn ti fọ́, èyí tó jò sínú ìtọ̀ ò ju omi pupa tí wọ́n rù lọ.

Kí ló ń fọ́ wọn? Ẹ wo sẹ́ẹ̀lì pupa bí irin. Afẹ́fẹ́ ló ń rù kiri láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, gbogbo irin tó bá sì ń bá afẹ́fẹ́ ṣe á fẹ́ dípẹtà. Ọlọ́run wá fi ẹ́ńsáìmù kan sínú ẹ̀ tó ń bá a nu ìpẹtà kúrò ní gbogbo ìgbà, òun ni wọ́n ń kọ sí fọ́ọ̀mù láàbù pé G6PD. Àwọn ọmọ kan wà tí tiwọn ò tó, bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn. Lọ́jọ́ gbogbo kò sí nǹkan tó ń ṣe wọ́n, díẹ̀ tí wọ́n ní yẹn ń ká a. Ìgbà tí wọ́n bá gbé oògùn tó ń mú ìpẹtà yára mì, tàbí tí àrùn ńlá bá kọ lù wọ́n, ìgbà yẹn ni díẹ̀ yẹn ò ní ká a mọ́. Ó sì máa ń gbà tó ọjọ́ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn tí oògùn wọlé kí ìtọ̀ tó dúdú. Mọ́ńdè sí Wẹ́sídé, ó ṣe wẹ́kú.

Oògùn yẹn la kọ́kọ́ dá dúró. Ó jọ nǹkan kékeré létí àmọ́ òun gan-an ni ìtọ́jú. Torí pé PCV wà ní 17, àyà ń sáré, ó sì ń mí yára, a fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti yọ omi ẹ̀ kúrò, mílílítà mẹ́wàá fún kílò kan, ìyẹn 170, a rọra fi wákàtí mẹ́rin sọ ọ́. Tó bá jẹ́ pé ara ẹ̀ balẹ̀ ni, mi ò bá dúró wò ó ná. A fún un lómi dáadáa, torí omi pupa tó ń gba kíndìnrín kọjá yẹn lè dí i, a sì ń wọn gbogbo ìtọ̀ tó bá tọ̀ sínú ife. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ tò wọ́n sórí fèrèsé ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ìyá ẹ̀ lọ ń wò wọ́n láàárọ̀ Fúráìdè bí ẹni ń wo aṣọ tó sá. Wọ́n ti ń mọ́ sí i láti òsì sí ọ̀tún. PCV lọ́jọ́ yẹn 25. Títí di Sátidé, ìtọ̀ ti padà di ìtọ̀.

Bàbá ẹ̀ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ inú ìgò wá, èyí tí irin kún inú ẹ̀, mo ní kó gbé e sílẹ̀ ná. Ọmọ yìí ò pàdánù irin bí ẹni tó ṣẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, púpọ̀ irin tó wà nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó fọ́ yẹn ṣì wà lára ẹ̀, ara á tún un lò. Fólíìkì ásíìdì nìkan la fún un.

Ibi tó kù tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa ni ibi tí èmi fúnra mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣìnà. Kí a tó fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì sí i lára, mo ti gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò G6PD. Ìyẹn ṣe pàtàkì, torí tó o bá ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i tán, ẹ̀jẹ̀ ẹni tó fún un lo máa yẹ̀ wò. Èsì dé ní Fúráìdè: kò sí àìtó. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ dókítà wa ti kọ ọ́ sínú fáìlì pé kì í ṣe G6PD, ó sì ti fẹ́ kọ ìwé ìlọsílé ẹ̀. Èmi náà wò ó, mo ní hẹn-ẹ́n, ó ti rẹ̀ mí lọ́jọ́ yẹn, mo tiẹ̀ ti gbé bírò. Àfi bí mo ṣe rántí pé irú èyí tó pọ̀ jù lọ́dọ̀ tiwa níbí, sẹ́ẹ̀lì tó ti dàgbà ni ẹ́ńsáìmù ẹ̀ máa ń gbẹ. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú mùdùnmúdùn egungun ṣì ní tiẹ̀ dáadáa. Tí oògùn bá wá fọ́ gbogbo àgbà tán, tí ara sì ń da ọmọdé síta kíákíá láti fi dípò, àwọn ọmọdé yẹn ni láàbù á bá, á sì ní kò sí wàhálà. Èèyàn á wá padà sílé pẹ̀lú ìwé tó sọ pé ara òun le.

Ohun kan náà yìí ló fà á tí àwọn kan fi ń sọ pé "àwa bá oògùn náà lọ títí ó sì dúró fúnra ẹ̀." Ó lè dúró lóòótọ́, torí kò sí àgbà sẹ́ẹ̀lì mọ́ láti fọ́. Ó kàn jẹ́ pé a ò mọ bí PCV ṣe máa lọ sílẹ̀ tó kó tó dúró ni, kò sì sí ẹni tó yẹ kó fi ọmọ ẹ̀ wá a.

Mo bá ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, torí nǹkan bí ọgọ́fà ọjọ́ ni sẹ́ẹ̀lì pupa ń lò láyé, nígbà yẹn ẹ̀jẹ̀ àfàsára á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tọmọdé tàgbà sẹ́ẹ̀lì tiẹ̀ á sì ti wà níbẹ̀. Wọ́n padà wá lóòótọ́ (ọ̀pọ̀ kì í padà, ẹ jẹ́ n sọ ìyẹn). Ìdánwò tí láàbù tá à ń lò ń ṣe, wọ́n á po ẹ̀jẹ̀ mọ́ àwọn èròjà kan, wọ́n á gbé e sínú ooru bíi ti ara fún wákàtí mẹ́ta, wọ́n á wá kán díẹ̀ sínú omi. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ́ńsáìmù ẹ̀ pé á pupa kedere. Èyí tí kò pé á di àwọ̀ ilẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ìyá ẹ̀ rí i. Wọ́n gbé ìgò kékeré méjì síwájú ẹ̀, ti ẹlòmíì àti ti Àlàmú. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé. Ó na ìka sí ti ọmọ ẹ̀, ó ní "Obì."

PCV ti padà sí 34 nígbà yẹn.

Ó wá ku oògùn tí wọn ò gbọ́dọ̀ fún un mọ́. Mo kọ ọ́ sí kádì, mi ò jẹ́ kó gùn, torí mo ti rí ìwé tó ní ọgọ́ta oògùn nínú rí tí ìyá ọmọ náà ò wá lè fún ọmọ ẹ̀ ní nǹkan kan fún ibà, parasítámọ́ọ̀lù pàápàá, irú ìyẹn náà burú. Àwọn tí kò ní àríyànjiyàn nínú ni náítírófúráńtóìnì yìí, pírímákúìnì tí wọ́n ń lò fún irú ibà kan, àti dápúsóònù tí wọ́n ń lò fún ẹ̀tẹ̀ àti àrùn awọ ara. Ìdí pírímákúìnì ni wọ́n ti kọ́kọ́ tọpa àìtó yìí dé, ní 1956, láàárín àwọn adúláwọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n fún un. Dápúsóònù ní tiẹ̀, oògùn ibà kan wà tí wọ́n pò ó mọ́, àwọn ọmọ Áfíríkà tó ní àìtó yìí ń pàdánù ẹ̀jẹ̀ nípasẹ̀ ẹ̀, ni wọ́n bá gbé e kúrò lọ́jà ní 2008. Ẹ̀kẹrin, aró búlúù kan, mẹ́tílíìnì búlúù, tí àwa dókítà máa ń gún fún àìsàn kan tó ń sọ ẹ̀jẹ̀ di dúdú, ní ti ìyẹn, àwa ni kẹ́ ẹ máa rán létí, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa rà á.

Súfà ńkọ́, àti kotirimọsasóòlù tí gbogbo ayé ń pè ní sẹ́pítírìnì? Ibi tí mo dúró sí nìyí: ẹ̀rí tó dè é mọ́lẹ̀ ò le tó ti àwọn mẹ́rin yẹn, àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n nílò ẹ̀ gan-an tí wọ́n sì ń lò ó lójú dókítà. Fún ọmọ bí Àlàmú tí oògùn míì wà tó lè rọ́pò ẹ̀, mi ò ní fún un, kí wọ́n má sì dá a rà. Ásípíríìnì náà, kó má kàn án, ọmọdé ò tiẹ̀ nílò ẹ̀ fún ibà. Parasítámọ́ọ̀lù ní ìwọ̀n kílò ẹ̀, kó máa lò ó. Amọ́sísílíìnì, kó máa lò ó. Oògùn ibà àtímẹ́tà pẹ̀lú lumẹfántírìnì, kó máa lò ó, àní ibà ni kẹ́ ẹ máa tọ́jú kíá, torí ibà fúnra ẹ̀ lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀.

Bàbá ẹ̀ béèrè nípa ẹ̀wà. Wọ́n ti ní kó má jẹ ẹ̀wà mọ́, kó má jẹ àkàrà, kó má jẹ mọ́ínmọ́ín, ọmọ náà sì ti ń sunkún àkàrà. Ẹ̀wà tí wọ́n ń sọ yẹn, irú míì ni, tí wọ́n ń jẹ lọ́dọ̀ àwọn Lárúbáwá àti àwọn ará etí òkun ilẹ̀ Yúróòpù, kì í ṣe èyí tá à ń rà ní ọjà Ìgbọ̀nà. Kó lọ jẹ àkàrà ẹ̀ jàre.

Káfúrà ni kí wọ́n lé kúrò nílé, róbótó funfun tí wọ́n ń jù sáàárín aṣọ yẹn, òun náà lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Ibi tí mo dárúkọ ẹ̀ ni ìyá ẹ̀ ti dákẹ́. Ó ní nígbà tí Àlàmú wà lọ́mọ ọjọ́ mẹ́ta, ojú ẹ̀ pọ́n gan-an, wọ́n ní kóun máa gbé e sóòrùn, òun gbé e sóòrùn, nígbà tó yá ó lọ. Aṣọ ìkómọ tí wọ́n fi ń wé e nígbà yẹn, inú àpótí ìyá òun ló ti jáde, káfúrà ń ta sọ́ọ́ lára ẹ̀. Ó tún wá rántí ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin, pé nígbà tó wà ní kékeré wọ́n fún un ní súfà, ìtọ̀ ẹ̀ dúdú, wọ́n sì ní àwọn ayé ni. Mi ò lè fi ìtàn ogún ọdún ó lé ṣe ìdánwò, àmọ́ ọ̀nà tó gbà wọlé bára mu: ìyá ló máa ń gbé e fún ọmọkùnrin, bàbá ò lè fún ọmọ ẹ̀ ọkùnrin ní tiẹ̀. Ìyá Àlàmú ń gbé e kiri, kò sì hàn lára ẹ̀. Kò jẹ̀bi ẹnikẹ́ni, mo sọ ìyẹn fún un lójú ọkọ ẹ̀, torí mo ti rí bí bàbá yẹn ṣe ń wò ó.

Àbúrò ẹ̀, àǹtí olóògùn, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ti bímọ, ọmọkùnrin, ọjọ́ méjì péré. Ó gbé e mọ́ra láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wá bi mí pé, "Dókítà, tí àǹtí mi bá ń gbé e, èmi náà ńkọ́?" Mo ní ìyá kan náà ló bí yín, bóyá o ní, bóyá o ò ní, ìdajì-ìdajì ni, ìdánwò obìnrin sì lè fò ó torí sẹ́ẹ̀lì méjèèjì, èyí tí ẹ́ńsáìmù ẹ̀ tó àti èyí tí tiẹ̀ ò tó, máa ń wà lára wọn pọ̀. Ọmọ gan-an la máa yẹ̀ wò. Mo ṣí ojú ọmọ náà nítòsí fèrèsé, mo fi ìka tẹ iwájú orí ẹ̀. Ó ti ń pọ́n díẹ̀. A gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mo ní kí wọ́n máà padà sílé, kí wọ́n jẹ́ ká wọn bó ṣe ń pọ́n tó lónìí ká tún wọ̀n ọ́n lọ́la, kò sí ọ̀rọ̀ gbé e sóòrùn níbí yìí, tó bá gòkè a ní iná tó dáa ju oòrùn lọ.

Ó ti ń tú aṣọ tó fi wé ọmọ náà bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ. Ó gbé e símú, ó gbóòórùn ẹ̀, ó nà án sí ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà gbóòórùn ẹ̀, ó sì ká a, ó jù ú sínú ọ̀rá, ó bọ́ ìbòrùn tirẹ̀ fún ọmọ náà.